Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ọjọ́bọ̀: Ẹ Mú Káàdì Ọmọ Dání

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ àdúgbò wa níbí ní Ìsẹ́yìn. Èmi nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé ní ìbùdó ìlera ẹ̀yìn ọjà ni mo ń kí yín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún 2026, lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ìbùdó ìlera, la ó ti fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Aago 8 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni. Ọ̀fẹ́ ni o. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹ gbé àwọn ìkókó wá, àtàwọn tó pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ọmọ oṣù 9 máa gba ti èéyi àti ibà pọ́njú. Tó bá pé oṣù 15, á tún gba ti èéyi lẹ́ẹ̀kejì. Èyí làwọn ìyá máa ń gbàgbé jù, torí ọmọ ti ń sáré kiri, wọ́n rò pé ó ti parí. Àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 náà ní tiwọn, ẹ̀ẹ̀kan péré, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ẹ bá olùkọ́ wọn sọ ọ́ kí wọ́n lè yọjú.

Káàdì ọmọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ tú báàgì tẹ́ ẹ gbé lọ síbi ìbímọ. Ì báà ti ya, ì báà ti kún fún epo, ẹ mú un wá bẹ́ẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ìyá kan mú káàdì tó ti bá ìró wọ inú omi ọṣẹ wá. Yíǹkì ti ṣàn tán, àfi ìlà ọ̀sẹ̀ 10 nìkan la rí kà, òun náà la fi mọ ibi tá a ti máa tẹ̀ síwájú. Bó bá sì ti sọnù pátápátá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹ̀ jókòó sílé. A ó wá orúkọ ọmọ nínú ìwé ńlá wa, a ó sì ṣe òmíràn fún un.

Ẹ wọ aṣọ tó rọrùn láti ká sókè lápá àti nítan fún ọmọ. Ẹ mú omi mímu àti agboòrùn dání. Bó bá jẹ́ bàbá tàbí ìyá àgbà ló máa gbé e wá, ẹ sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ fún wọn, àti bí abẹ́rẹ́ tó kọjá ṣe ṣe é.

Ikọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀fìnkìn kò ní kẹ́ ẹ má wá. Tí ara rẹ̀ bá gbóná gan-an, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ká tó gún un.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ jókòó tì wá díẹ̀. Ara ọmọ lè gbóná lálẹ́. Ẹ máa fún un lọ́mú, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ ojú abẹ́rẹ́, ẹ má sì fi nǹkan kan ra á. Bí gìrì bá mú un, ẹ gbé e wá kíá.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́. Ìyá ọlọ́mọ tí kò ní fóònù lágboolé yín, ẹ bá wa kan ilẹ̀kùn rẹ̀.