Àwọn Ìpinnu Tó Ṣì Wà Nílẹ̀ Láti Ìpàdé 6 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé, Òpópónà Kìíní dé Ìkarùn-ún, Akóbọ̀, Ìbàdàn
Láti ọwọ́ akọ̀wé, Ajé 8 oṣù Kẹsàn-án 2025

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin màmá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa gbogbo, ẹ kú ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ sì kú àfaradà òjò. Ilé 31 nínú 58 ló wá, ìyẹn sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta tí òfin ẹgbẹ́ wa béèrè lọ.

Ibi 17 ni a ti rí "ilé fẹnu kò", "a ó wò ó" tàbí "kí ìgbìmọ̀ ṣe ohun tó yẹ" nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé náà. A yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyànjú lásán, bí i "kí gbogbo wa máa tètè dé". A fi wọ́n sílẹ̀ sínú àkọsílẹ̀. Mẹ́fà jẹ́ iṣẹ́ tí ilé ti gbà, tó ku kí ẹnì kan lọ ṣe é. Márùn-ún ni ìpinnu gan-an tí ilé kò tíì ṣe. Ẹyọ kan kò ní ẹni tó gbà á.

Gbogbo ìpinnu la kọ ní ìbéèrè tí ilé lè dáhùn pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, iye owó, orúkọ, tàbí ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí àkọsílẹ̀ ti dárúkọ ìgbìmọ̀, alága ìgbìmọ̀ náà la kọ, torí pé ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ ti gbogbo ìgbìmọ̀, kò sí ẹni tí a óò bi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó ni ìpinnu kọ́ ló ń pinnu o. Ilé ló ń pinnu. Tirẹ̀ ni kó rí i pé ohun tí ilé nílò wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Níbi tí a kò bá ti kọ ọjọ́ mìíràn, ìwé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ akọ̀wé ní Àbámẹ́ta 27 oṣù Kẹsàn-án, kí ilé lè pinnu ní Àbámẹ́ta 4 oṣù Kẹwàá.

☐ 1. Ṣé kí a dáwó ra tíránsífọ́mà 500 kVA?
Ìpínrọ̀ 4. Ẹni tó ni ín: alága ìgbìmọ̀ iná.

Ohun tí àkọsílẹ̀ wí ni pé "ilé gbà kí ìgbìmọ̀ iná ṣe ohun tó yẹ". Kò sí ìpinnu nínú gbólóhùn yẹn. Iye owó tí àwọn kan ti ń pín ká orí Wọ́sáàpù pé ilé kọ̀ọ̀kan máa san kò sí nínú àkọsílẹ̀, nítorí náà kò sí níbí.

Tíránsífọ́mà tó wà nílẹ̀ jẹ́ 300 kVA. Ní fólítì 415, nǹkan bí áńpíà 417 ni fésì kọ̀ọ̀kan lè gbé:

```
300000 ÷ (1.732 × 415) = 417
```

Bí fésì kan bá ń gbé 430 lálẹ́, tí òmíràn ń gbé 210, tíránsífọ́mà náà kò kéré. Àwọn ilé ló kóra jọ sórí fésì kan. Kí a gbé díẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀, kò sì ní ìdáwó ńlá nínú. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń súnmọ́ 417 tàbí tí wọ́n kọjá rẹ̀, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ 500 kVA tó dé. Nítorí náà, ohun méjì la nílò:

☐ Kíka áńpíà fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún alẹ́ mẹ́ta, Ẹtì 12 dé Àìkú 14 oṣù Kẹsàn-án, láàárín aago méje sí mẹ́wàá, nígbà tí gbogbo ilé bá ń lo iná. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni kó kà á. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣí àpótí fíúsì náà, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ iná tó. Bí wọn kò bá mú iná wá ní alẹ́ kan, ẹ fi alẹ́ mìíràn dípò rẹ̀. Ẹ má fojú bù ú.

☐ Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ wọn, tó sọ ẹni tí yóò ni tíránsífọ́mà tí a bá rà, ẹni tí yóò máa tún un ṣe, àti bóyá wọn yóò dá owó wa padà àti bí wọn yóò ṣe dá a. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Bí lẹ́tà kò bá dé ní 27, a kò ní gbé ìbéèrè yìí síwájú ilé ní 4 oṣù Kẹwàá. Ó di Àbámẹ́ta 1 oṣù Kọkànlá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ kó tó dìgbà náà.

☐ 2. Ṣé kí a pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, tàbí kí a tún wáyà inú rẹ̀ dì?
Ìpínrọ̀ 9. Ẹni tó ni ín: Màmá alága ìgbìmọ̀ omi. Ọjọ́ ìwé: Ọjọ́rú 17 oṣù Kẹsàn-án. Àwọn aṣojú òpópónà ló máa pinnu rẹ̀, Àbámẹ́ta 20 oṣù Kẹsàn-án, torí pé omi kò lè dúró de oṣù tó ń bọ̀.

Ó so mọ́ ti òkè yìí. Ẹ̀rọ náà ti jó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí. Nígbà tí fólítì bá lọ sílẹ̀, mọ́tò máa ń fa áńpíà púpọ̀ sí i láti ṣe iṣẹ́ kan náà, á gbóná, wáyà inú rẹ̀ á sì jó. Bí kànga bá wà lórí fésì tí ẹrù pọ̀ sí, ẹ̀rọ tuntun náà yóò jó. Kí Màmá gba èsì 14 oṣù Kẹsàn-án lọ́wọ́ alága iná kí wọ́n tó ná owó kankan, kí wọ́n sì béèrè iye ohun tó ń gé iná fúnra rẹ̀ bí fólítì bá rẹlẹ̀, pẹ̀lú iye ẹ̀rọ.

☐ 3. Èló ni owó ààbò ilé kọ̀ọ̀kan láti oṣù Kẹwàá?
Ìpínrọ̀ 6 àti 11. Ẹni tó ni ín: akápò.

Àwọn ọdẹ mẹ́rin ń gba ₦45,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ilé gbà pé kó di ₦60,000. Ìyẹn ti parí. Ibi tí owó yóò ti wá ni kò tíì parí. ₦180,000 la ń san lóṣù, yóò di ₦240,000. Ilé 58 ní ₦4,000 jẹ́ ₦232,000 lórí ìwé, ṣùgbọ́n ilé 47 ló ń san, ₦188,000 ló sì ń wọlé. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú ilé:

Kí gbogbo ilé 58 san ₦4,200, tí yóò mú ₦243,600 wá. Tàbí kí ilé 47 tó ń san máa san ₦5,200, tí yóò mú ₦244,400 wá, kí àwọn tó kù máa jókòó wò wá. Ojú akọ̀wé ni pé àjẹsílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe owó oṣù ọdẹ, ṣùgbọ́n ilé ló ni ẹnu. Kí akápò kọ iye oṣù tí ilé 11 náà jẹ, ní nọ́ńbà ilé, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni lórí Wọ́sáàpù.

Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti 2024, ₦70,000, kò de agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ẹ má fi ìyẹn dá ọdẹ lóhùn bó bá béèrè o.

Ìpínrọ̀ 6 ní "láti oṣù Kẹwàá", ìpínrọ̀ 11 sì ní "láti ìparí oṣù yìí". Akọ̀wé kò ní àṣẹ láti yan ọ̀kan. Ilé yóò tún un ṣe nígbà tí a bá ń ka àkọsílẹ̀ ní 4 oṣù Kẹwàá, kí a tó fọwọ́ sí i.

☐ 4. Ta ló máa san owó ríìǹgì gọ́tà Òpópónà Kẹta: ilé 14 ibẹ̀, tàbí gbogbo ilé 58?
Ìpínrọ̀ 7. Ẹni tó ni ín: aṣojú Òpópónà Kẹta.

Ìwé iye kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́, ₦522,000 fún ríìǹgì mẹ́fà, kọnkéré àti iṣẹ́ ọwọ́. Bí gbogbo ilé bá san án, ₦9,000 ni. Bí ilé 14 bá dá a san, ó lé díẹ̀ ní ₦37,000. Méjì sí i la nílò, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kọ ìwọ̀n ríìǹgì kan náà, mílímítà 900. Èyí tó bá wá pẹ̀lú 600 yóò dà bí ẹni pé ó pọ́ọ́kú. Owó la fẹ́ pinnu báyìí. Iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ títí òjò yóò fi dáwọ́ dúró nínú oṣù Kọkànlá, torí ihò tí a bá gbẹ́ nísinsìnyí, omi ló máa dí i.

☐ 5. Àwọn wo ni alábòójútó tí orúkọ wọn yóò wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ní CAC?
Ìpínrọ̀ 13. Ẹni tó ni ín: akọ̀wé.

Àkọsílẹ̀ ní "kí a lọ forúkọ sílẹ̀ kíá". Bí a bá kọ́kọ́ lọ gba orúkọ, ọjọ́ 60 péré ni wọ́n máa fi dì í mú fún wa, á sì tán síbi tí a ti ń jà lórí ta ni alábòójútó. Nítorí náà, kí ilé kọ́kọ́ yan wọ́n ní 4 oṣù Kẹwàá. ☐ Gba orúkọ ní Ajé 6 oṣù Kẹwàá, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ pé ní Ẹtì 5 oṣù Kejìlá. ☐ Ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì, kó jáde ó pẹ́ tán ní Ẹtì 31 oṣù Kẹwàá, kí ọjọ́ 28 tí àwọn ará ìlú fi lè ṣàtakò pé ní 28 oṣù Kọkànlá. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù fún wa, kò pọ̀. Wọn yóò béèrè àkọsílẹ̀ ìpàdé tí a ti yan alábòójútó, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó wá àti iye ìbò, nítorí náà gbogbo ẹni tó bá wá ní 4 oṣù Kẹwàá gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. "Bàbá Ìbejì" nìkan kò ní tó.

Èyí tí kò ní ẹni tó gbà á
☐ Ilé ìtajà gáàsì tó wà láàárín ilé gbígbé méjì ní Òpópónà Kejì (ìpínrọ̀ 15). Ènìyàn mẹ́rin ló sọ̀rọ̀, àkọsílẹ̀ sì parí sí "ọ̀rọ̀ náà wúwo". Bí ẹnì kan bá gbà láti bá onílé náà sọ̀rọ̀, kó sọ fún akọ̀wé kí Àbámẹ́ta 20 oṣù Kẹsàn-án tó kọjá. Bí kò bá sí, alága ẹgbẹ́ fúnra wọn ni a óò kọ orúkọ wọn síwájú rẹ̀. Eléyìí kì í ṣe ohun tí a lè yọ kúrò.

Iṣẹ́ tí ilé ti gbà, kò nílò ìpinnu mọ́
☑ Géètì yóò máa tì ní aago 11 alẹ́. Alága ààbò ti sọ fún àwọn ọdẹ.
☐ Àgádágodo méjì fún géètì: alága ààbò, 13 oṣù Kẹsàn-án.
☐ Ìbẹ̀wò sí ìdílé tó ń ṣọ̀fọ̀ ní Òpópónà Karùn-ún: Ìyá Ẹgbẹ́, Àìkú 14.
☐ Gílóòbù mẹ́ta ní Òpópónà Kìíní: aṣojú ibẹ̀, 20.
☐ Ọkọ̀ tí yóò kó ìdọ̀tí gọ́tà: aṣojú Òpópónà Kẹrin, 27. Kí wọ́n kó o lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tí a bá kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, òjò á tún gbá a padà.
☐ Ìwé owó dé ọwọ́ àwọn ayẹ̀wé-owó-wò méjì: akápò, Ìṣẹ́gun 30.

Ẹni tí a kọ ipò rẹ̀ tí ọjọ́ kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, tàbí ẹni tó bá rí àṣìṣe, kó kọ sí akọ̀wé kí aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀ 11 oṣù Kẹsàn-án tó lù. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó géètì. Ẹni tí ọjọ́ bá ti kọjá lórí rẹ̀, a kò ní pa ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ́. Tuntun la ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà tuntun yóò jáde ní Ajé 29 oṣù Kẹsàn-án.