Fún Ẹni Tí Ìgbàgbọ́ Rẹ̀ Ń Mì

(Olùsọ̀rọ̀ jókòó sórí àga kan. Fìtílà kan ń jó lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí orin. Kí ó wo kámẹ́rà fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.)

Ẹ káàbọ̀. Bóyá òru ni ẹ ń wo fídíò yìí, tí ẹ sì ti dín ohùn rẹ̀ kù kí ẹni tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín má baà gbọ́. Bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń darí àdúrà fún àwọn ẹlòmíràn, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ pé láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹ bá ti kúnlẹ̀, ńṣe ló ń ṣe yín bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, n kò pè yín síbí láti wá tún yín ṣe. N kò ní pe ẹnikẹ́ni wá síwájú pẹpẹ ní ìparí ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní sọ pé kí ẹ kọ "Àmín" sábẹ́ fídíò láti fi hàn pé ẹ ti gbà.

Arábìnrin kan kọ̀wé sí wa lóṣù tó kọjá, ó sì gbà kí n sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ní lẹ́yìn tí òun bí ọmọ tí kò ké, ìlà kan wà nínú orin tí òun kò lè kọ mọ́: bí wọ́n bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń sọ pé Ọlọ́run kì í pẹ́ jù, òun á kàn máa ṣí ẹnu lásán, láìjẹ́ kí ohùn jáde, kí ẹni tó dúró ti òun má baà fura. Ìbéèrè tó fi parí lẹ́tà náà ni pé, "Ṣé àgàbàgebè ni mí?"

Arábìnrin mi, mo ti ka lẹ́tà yín ní àkàtúnkà, n kò sì rí àgàbàgebè níbẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ parọ́ lójú Ọlọ́run ni mo rí, tí kò sì tíì fẹ́ fi àyè rẹ̀ láàrin àwọn akọrin sílẹ̀.

(Kí ó sinmi díẹ̀.)

Nígbà tí àbúrò mi kú, a kò tíì kó erùpẹ̀ bo ibojì rẹ̀ tán tí àgbàlagbà kan nínú ìjọ fi gbá mi mú léjìká, tó ní kí n gbẹ́kún mì, nítorí pé ẹni tó bá sunkún jù ń bá Ọlọ́run ṣẹjọ́ ni. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà gan-an ni mo fẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tó fi pé ọdún mẹ́ta kí n tó lè sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó wà nínú mi. A máa ń sọ pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó yà mí lẹ́nu pé a gba èyí gbọ́ nípa gbogbo ọ̀nà, àfi ọ̀nà Ọlọ́run nìkan.

Jóòbù náà fẹ́ ṣẹjọ́. Nínú orí 23 ìwé rẹ̀, ó ní bí òun bá mọ ibi tí òun lè rí Ọlọ́run, òun á ro ẹjọ́ òun níwájú rẹ̀, ẹnu òun á sì kún fún àròyé. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dáadáa. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje àti òru méje, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì bá a sọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀. Lójú tèmi, ohun tó dára jù lọ tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n ba ohun gbogbo jẹ́: ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ wọn, ó sì kù kí Jóòbù gbà pé òun ṣẹ̀. Síbẹ̀, ní orí tó kẹ́yìn, àwọn ni Ọlọ́run bínú sí. Ó ní wọn kò sọ ohun tó tọ́ nípa òun gẹ́gẹ́ bí Jóòbù ṣe sọ ọ́.

Ọlọ́run kò sì sọ fún Jóòbù ìdí tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi kú. Ohun tó bi í ni bóyá ó ti wọ inú ìṣúra òjò dídì rí, àti bóyá ó mọ ìgbà tí ewúrẹ́ orí àpáta ń bímọ. Kí n má parọ́, ìdáhùn yẹn kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn títí di òní. Mo ṣì ń padà sídìí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ Sáàmù ìdárò ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún tó sì parí pẹ̀lú ọpẹ́. Sáàmù 88 kò rí bẹ́ẹ̀. Inú òkùnkùn ló parí sí, àwọn tó kó ìwé náà jọ kò sì fi ẹsẹ ọpẹ́ kan lẹ̀ mọ́ ọn nídìí kí ó lè dùn ún gbọ́. Nítorí náà, orin wà nínú Bíbélì fún ẹni tí kò lè kọ ìlà yẹn.

(Kí ó gbé omi mu bí ó bá fẹ́. Kí a má gé e kúrò.)

Tọ́másì ńkọ́? A ti sọ orúkọ rẹ̀ di èébú. Àwọn yòókù sọ fún un pé àwọn ti rí Olúwa, ó ní bí òun kò bá fi ìka òun sí ojú àpá ìṣó, òun kò ní gbàgbọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kọjá lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó máa ń mú mi dúró nínú ìtàn náà ni pé nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, inú ilé kan náà ni Tọ́másì wà pẹ̀lú wọn. Mo máa ń ro bí oúnjẹ ọjọ́ mẹ́jọ yẹn ṣe rí: ẹni mẹ́wàá tó ti rí, ẹnì kan tí kò tíì rí, ìdí àwo kan náà. Ìwé náà kò sọ pé wọ́n lé e.

Àwọn kan ń gbé ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ níbẹ̀. Nígbà tí a tẹ àwọn lẹ́tà Màmá Tèrésà jáde ní 2007, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tó ti kú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó ti lo bí àádọ́ta ọdún nínú òkùnkùn ọkàn, láìmọ̀ ọ́n lára pé Ọlọ́run wà nítòsí.

Mo mọ̀ pé iyèméjì kì í ṣe oríṣi kan. Ó lè jẹ́ ìwé tí ẹ kà ló fà á, ó sì lè jẹ́ ohun tí olórí ìjọ kan ṣe sí yín, èyí tí kò fẹ́ ìdáhùn rárá bí kò ṣe ìdájọ́ òdodo. Nígbà mìíràn, ó ti rẹ ara ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé ibi tí ó ń ṣe yín bíi kí ẹ má wà láàyè mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá nìkan gbé òru òní: ẹ jí ẹni tó wà nítòsí, ẹ sọ ọ́ fún un ní kedere, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ìyẹn kò fi hàn pé ìgbàgbọ́ yín kéré.

Èmi gbàgbọ́, n kò fi pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n n kò fi inú rere ṣe ìdẹ. Bí ìbéèrè yín bá gbé yín gba ọ̀nà tí èmi kò gbà, ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún yín lónìí kò yí padà, ẹ sì lè kọ̀wé sí wa láti ibikíbi tí ẹ bá dé.

Àdúrà ni mo máa ń fi parí. Lónìí, n ó kàn dákẹ́ jókòó síbí fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà lè gbà á, ẹni tó bá fẹ́ bínú lè bínú, ẹni tí oorun bá sì ti ń kùn lè pa fídíò náà.

(Kí ó dákẹ́. Kí kámẹ́rà má kúrò lójú rẹ̀ àti fìtílà náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Kí a má fi orin sí i.)