Ọwọ́ Ta Ni Ká Fi Wọn Tábìlì Yìí?

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣẹ́gun, padà sí àyè rẹ.

Gbogbo yín lẹ rí i. Tábìlì kan náà ni Bísí àti Ṣẹ́gun fi ọwọ́ wọ̀n, láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín. Bísí ní ọwọ́ mẹ́jọ ni. Ṣẹ́gun ní mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀, lẹ bá pariwo pé irọ́ ló ń pa. Kò purọ́ o! Ọwọ́ rẹ̀ ló kéré. Èmi náà wọ̀n ọ́n, mo rí márùn-ún ó lé díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣì í kà, síbẹ̀ ìdáhùn mẹ́ta ló wà nílẹ̀.

Nígbà tí Bísí tún un wọ̀n ńkọ́? Ọwọ́ ti ń ro ó, kò nà án tó ti àkọ́kọ́, ló bá di mẹ́jọ àbọ̀. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo pàápàá kì í bá ara rẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká ní káfíńtà kan ní Ọ̀yọ́ fẹ́ gé pákó tuntun fún tábìlì yìí, mo wá pè é lórí fóònù pé, “Ọwọ́ mẹ́jọ ni o.” Ọwọ́ ta ni yóò lò? Tirẹ̀ ni! Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tó tèmi, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22, pákó tó máa gbé dé á gùn tó sẹ̀ǹtímítà 176. Tábìlì wa ò ju 120 lọ. Ta ló máa san owó pákó tó ṣòfò? Ṣùgbọ́n bí mo bá ní “sẹ̀ǹtímítà 120”, á kàn fa tépù rẹ̀ yọ ni.

Irú wàhálà yìí ló mú kí àwọn ará Faransé gbé mítà kalẹ̀ nígbà tó ku ọdún díẹ̀ kí 1800 pé, torí ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀ nígbà náà. Ní 1875, orílẹ̀-èdè 17 fọwọ́ sí àdéhùn lórí rẹ̀ ní Páríìsì. Àwọn aláṣọ wa náà mọ̀ ọ́n: ọ̀pá ni wọ́n fi ń ta aṣọ. Àbí ẹ máa gbà kí aláṣọ tí apá rẹ̀ kúrú fi apá wọn áńkárá fún yín?

Mi ò ní ọwọ́ ò wúlò. Bí o bá ti mọ iye sẹ̀ǹtímítà tí ọwọ́ rẹ jẹ́, o lè fi fojú bu nǹkan. Fífojúbu nìyẹn, kì í ṣe wíwọ̀n.

Ó yá, ẹ mú rúlà yín. Òdo lẹ máa gbé sí etí tábìlì, kì í ṣe 1. Rúlà àwọn kan ní àyè díẹ̀ ṣáájú òdo, ẹ má ka ìyẹn mọ́ ọn. Níbi tí 30 bá parí sí, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà tín-ín-rín, kẹ́ ẹ tó sún rúlà síwájú. Ẹni tó bá kọ 120 lásán tí ò kọ sẹ̀ǹtímítà sí i, màá fagi lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀n.