Ètò ọjọ́ mẹ́rin fún Ẹ̀gbọ́n: òkè ara, ìsàlẹ̀ ara, ọ̀sẹ̀ 12

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ètò irin gbígbé àti oúnjẹ tí ẹ ní kí n kọ rèé. Kílò 84 lẹ wọ̀n, a fẹ́ kó wá sí 78, kí ọ̀rá ikùn lọ, kí iṣan tí ẹ ti kó jọ má bá a lọ.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé irin ò gbọdọ̀ fúyẹ́. Ẹ máa rí àwọn kan ní jíìmù wa ní Tanke, nílùú Ìlọrin, bí wọ́n bá ti fẹ́ fọn, wọ́n á sá fún irin ńlá, wọ́n á máa gbé kékeré lọ́gbọ̀n ìgbà, wọ́n ní ọ̀rá làwọn ń yọ́. Ẹ má tẹ̀ lé wọn. Oúnjẹ tó dín kù ló ń yọ́ ọ̀rá. Irin tó wúwo ló ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé òun ṣì nílò iṣan. Bí agbára bá ń dín, iye sẹ́ẹ̀tì la máa gé, a ò ní gé kílò.

Àtìní, òkè ara. Ẹ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ẹ ti irin sókè: sẹ́ẹ̀tì 3, ìgbà 5 sí 8, kílò 60 tí ẹ ń gbé báyìí. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú 3 láàárín wọn, ẹ gbé fóònù sọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ̀ ba, kí ẹ fa irin gbọọrọ sí ikùn: sẹ́ẹ̀tì 3, ìgbà 6 sí 8. Títi irin sókè orí ní ìdúró, sẹ́ẹ̀tì 2, ìgbà 8 sí 10. Apá iwájú àti apá ẹ̀yìn, sẹ́ẹ̀tì 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa dúró nígbà tí agbára ìgbà 1 tàbí 2 bá ṣì kù lára yín.

Àtàláátà, ìsàlẹ̀ ara. Irin lẹ́jìká, ẹ lọ sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó, ẹ dìde: sẹ́ẹ̀tì 3, ìgbà 5 sí 8. Lẹ́yìn náà, irin lọ́wọ́, ẹ tẹ̀ láti ìbàdí, ẹ̀yìn yín gbọdọ̀ nà: sẹ́ẹ̀tì 3, ìgbà 8. Ẹ̀rọ tó ń ká ẹsẹ̀, sẹ́ẹ̀tì 2. Ẹ dìde lórí ìka ẹsẹ̀ fún ẹ̀yìn ojúgun, sẹ́ẹ̀tì 3.

Àlàmísì, òkè ara. Fífa ara sókè lórí irin ló ṣáájú, sẹ́ẹ̀tì 3; bí ẹ ò bá tíì lè ṣe 5, ẹ lo ẹ̀rọ tí wọ́n ń fà wálẹ̀. Ẹ ti dọ́mbẹ́ẹ̀lì sókè lórí bẹ́ǹṣì tó dagẹ̀rẹ̀, sẹ́ẹ̀tì 3, ìgbà 8 sí 12. Dọ́mbẹ́ẹ̀lì fífà lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀tì 2. Ẹ gbé apá sẹ́gbẹ̀ẹ́, sẹ́ẹ̀tì 2.

Jímọ̀, ìrun ni. Ẹ sinmi.

Sátidé, ìsàlẹ̀ ara. Ẹ gbé irin nílẹ̀ sókè, sẹ́ẹ̀tì 2, ìgbà 5, kó wúwo. Ẹsẹ̀ kan níwájú, ẹsẹ̀ kan lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn yín, ẹ lọ sílẹ̀, ẹ dìde, sẹ́ẹ̀tì 3. Ojúgun àti ikùn, ó parí.

Bí gbogbo sẹ́ẹ̀tì irú iṣẹ́ kan bá ti dé iye ìgbà tó ga jù, ẹ fi kílò 2.5 kún irin. Tí ẹ ò bá dé ibẹ̀, ẹ dúró níbi tí ẹ wà. Lásìkò tí a ń dín ọ̀rá, kí irin má rẹlẹ̀ tó èrè fún wa. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, a máa gé sẹ́ẹ̀tì sí ìdajì, irin náà kò ní yí padà.

Oúnjẹ ni èmi àti ẹ̀yin máa jà sí. Kálórì 2,100 lójúmọ́, pùrótéènì gíráàmù 150. Ẹyin 4 láàárọ̀ jẹ́ bí gíráàmù 25 nínú rẹ̀. Titus tó kún, nǹkan bí gíráàmù 200 ní jíjinná, jẹ́ bí 48. Adìẹ aláìláwọ iye kan náà jẹ́ bí 60. Ife ẹ̀wà kan fún 15. Mi ò gba àmàlà lọ́wọ́ yín. Ẹ kan jẹ ẹyọ kan dípò méjì, kí ẹ sọ fún ìyá olóúnjẹ kó rọra pẹ̀lú epo. Wàrà dára, àmọ́ èyí tí wọ́n dín lépo ni mo kọ̀. Ànàmọ́ bíbọ̀ sì wúlò ṣáájú jíìmù.

Ẹ wọn ara ní gbogbo àárọ̀ lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìdá-àárín ọjọ́ méje ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní Àìkú, pẹ̀lú ìwọ̀n ikùn. Kílò 0.4 sí 0.8 lọ́sẹ̀ ni mo fẹ́. Bó bá lọ ju ìyẹn lọ, tí irin sì ń fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, a máa dá kálórì 200 padà. Bí ikùn ò bá yẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, a máa yọ 150, ká sì fi ìrìn ẹsẹ̀ kún un. Oorun wákàtí 7, ẹ jọ̀ọ́.

Bí Ràmàdáánì bá bá wa lójú ọ̀nà, lẹ́yìn ìṣínu la máa gbé irin, a ó sì yọ sẹ́ẹ̀tì kan nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ìwé kékeré kan wá ní Àtìní.