Ẹ kú àbáṣe o, ẹ̀yin tí ẹ bá wa sin Màmá

Ara ń ro wá, ohùn ti há, ṣùgbọ́n ọkàn wa balẹ̀. Màmá wa ti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá ní Pórógun, lẹ́ni ọdún 86, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ pé òun fẹ́ ẹ. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Àwa ọmọ márààrún mọ̀ dájú pé agbára wa nìkan kọ́. Èèyàn ló bá wa sin ín.

Gbogbo ẹ̀yin tí wọ́n pe orúkọ yín sí gbohùngbohùn lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀yin àna wa láti Ṣágámù àti Ìpẹru, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin régbérégbé Màmá tí ẹ wọ aṣọ kan náà wá, tí ẹ jó yí pósí rẹ̀ ká títí omi fi bọ́ lójú wa, a rí yín. Àwọn tí wọn ò pè ni mo fẹ́ dúró kí dáadáa, nítorí ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà nígbà tí à ń jó níwájú ilé.

Màmá ti sọ fún wa tipẹ́ pé tí òun bá lọ, kí a má fi ìrẹsì nìkan ṣe àlejò òun, kí ìkọ́kọrẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ jókòó ti ewùrà láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀yin tí ẹ bó o, tí ẹ rin ín, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo jáde lóru, mo bá Ìyá Ìbejì níbi tó ti ń fi epo pa ọwọ́ méjèèjì nítorí bó ṣe ń yún un. Mo ní kí wọ́n lọ sinmi. Wọ́n ní, “Ṣé ìyá tìẹ nìkan ni?” Wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní kúrò létí mi.

Òjò dé lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ọmọ àdúgbò tí ẹ ń fi igi ti omi kúrò lórí àtíbàbà kó má baà wó, tí ẹ tún gbá ẹrẹ̀, tí ẹ da iyanrìn sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ yín náà á sìn yín. Bàbá tí ilé wọn kángun sí tiwa, tí wọ́n kó ọkọ̀ wọn jáde kí a lè dáná sí ọgbà wọn, a ti rí bí èéfín ṣe sọ ògiri yín di dúdú. A ó kùn ún, ẹ má sọ pé kí a fi sílẹ̀.

Àti àbúrò wa tó tọ́jú Màmá fún ọdún 6, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, tó mọ̀ ọ́n láti ìró ikọ́ rẹ̀. Wọ́n ka orúkọ àwọn ọmọ, wọn ò ka tìrẹ. Jọ̀ọ́, má bínú. Ìwọ lo kẹ́yìn kúrò nídìí sàréè, gbogbo wa la rí i. Ọmọ Màmá ni ẹ́, a jẹ́ mẹ́fà.

Ẹ̀yin ará Àgọ́ Ìwòyè tí ọkọ̀ yín pẹ́ dé, a gbọ́ pé oúnjẹ ti tán kó tó kàn yín, ẹ ò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ojú tì wá. Ẹ fi orí jì wá.

Ẹni tí a kò kí, tí a kò rí, tàbí tí a rí tí ọ̀fọ̀ ò jẹ́ ká dá mọ̀, ẹ má fi ṣe ìbínú. Ọlọ́run ò ní fi òfò san án fún yín. Ayọ̀ la ó fi máa bá yín pàdé.

Kúlà mẹ́ta àti bàtà ọmọdé kan, ti ẹsẹ̀ òsì, ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin nínú ilé. Ẹni tó bá ni wọ́n, kó yà wá gbà wọ́n. Ewùrà díẹ̀ sì kù nílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́, a ó sè é. Ẹ̀yin ará Àgọ́ Ìwòyè, ẹ tètè dé o, ẹ̀yin la ó kọ́kọ́ bù fún.

Àwa ọmọ Màmá,
Pórógun, Ìjẹ̀bú-Òde