Èsì Ẹgbẹ́ Alátakò: Ta Ló Jẹ̀bi Omíyalé Ìbàdàn?

Alága, ẹ̀yin adájọ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa, olùṣọ́ àkókò, ẹ kú ìjókòó o. Èmi ni olùbánisọ̀rọ̀ kejì fún ẹgbẹ́ tó tako kókó tó ní ará ìlú ló jẹ̀bi omíyalé Ìbàdàn, kì í ṣe ìjọba. Èsì ni wọ́n ní kí n wá fọ̀, nítorí náà mi ò ní tún ohun tí ẹnìkejì mi ti sọ sọ.

Kí n tó ṣe ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n fún olùbánisọ̀rọ̀ wọn àkọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó ní àwa ará Ìbàdàn ń da pàǹtí sínú gọ́tà. Òótọ́ ni. Kúdẹtì ni mò ń gbé, ojú mi ló ń ṣe. Bí òjò bá ti ṣú, ẹ ó máa gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan á yọ pẹ̀lú ọ̀rá dúdú tó ti so lẹ́nu pinpin, ọmọ kan á gbé garawa tẹ̀lé e. Wọn kì í dà á lójú ẹsẹ̀ o. Wọ́n á dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí omi á fi kún gọ́tà dáadáa, tó ń sáré, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó jù ú sí i, wọ́n á sì wolé padà bí ẹni pé wọn ò jáde rárá. Èèpo iṣu, ọ̀rá pọ́ọ̀ wọ́tà, pámpáàsì ọmọ, gbogbo rẹ̀ ń bá omi lọ. Olùbánisọ̀rọ̀ yẹn tiẹ̀ ní òun rí tìmùtìmù lábẹ́ kọ́fáàtì. Mo gbà á gbọ́. Èmi ti rí àga tó ku ẹsẹ̀ mẹ́ta. Pàǹtí yẹn á sì há sẹ́nu kọ́fáàtì, omi tí ì bá mọ lórúnkún á wá dé àyà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, ẹni náà ò tíì fojú kan Ìbàdàn nígbà òjò.

Mo rí i tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lápá ọ̀hún. Ẹ fi ẹ̀rín yẹn pamọ́ ná.

Bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ síwájú wa ni pé ará ìlú lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ǹ bá ti lọ jókòó. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ará ìlú ló jẹ̀bi, wọ́n sì yọ ìjọba kúrò nínú ẹjọ́ pátápátá. Ibi tí wọ́n ti yọ ìjọba yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbèjà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ ká mú pàǹtí yẹn gan-an, nítorí òun ni ìbọn tó tóbi jù lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ta ni láti kó o? Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ò fi èyí sílẹ̀ fún àríyànjiyàn. Àfikún Kẹrin rẹ̀ to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, ìtọ́jú gọ́tà wà níbẹ̀, kíkó ìdọ̀tí dànù náà wà níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló pín Ìbàdàn láàárín ara wọn. Ṣé ará ìlú ni ìjọba ìbílẹ̀ ni, àbí ẹgbẹ́ àdúgbò?

Ẹ tún wò ó báyìí. Àwọn ààtàn ńlá tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún Ìbàdàn ni Ajákàǹga, Àwótán, Lápìtẹ́ àti Àbà-Èkú. Ẹ̀yìn odi ìlú ni gbogbo wọn wà. Ẹ wá mú ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní Ọjẹ. Inú agboolé tí ọ̀kadà fúnra rẹ̀ ń fara pá ògiri kó tó kọjá ni ó ń gbé, ọkọ̀ akólẹ̀ ò lè débẹ̀ láé. Ṣé kó ru ìdọ̀tí rẹ̀ dé Lápìtẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni? Owó ọkọ̀ á jẹ owó ẹ̀kọ tán. Bí ẹ bá ní kó má dà á sí gọ́tà, mo gbà pẹ̀lú yín, kó má dà á sí gọ́tà. Ẹ sọ ibi tí kó dà á sí. Olùbánisọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lo gbogbo àkókò rẹ̀, kò sọ ibẹ̀.

Wọ́n tún ní ìjọba ń ṣe tirẹ̀, wọ́n ní ṣebí rédíò ń kìlọ̀ fún wa, ṣebí a ti ń ṣe ìmọ́tótó oṣooṣù láti ayé ológun. A ń ṣe é, mo sì máa ń bá wọn jáde. A ó kó ẹrẹ̀ dúdú yẹn jáde nínú gọ́tà pẹ̀lú ṣọ́bìrì, a ó sì kó o jọ sẹ́bàá ibẹ̀ gan-an, nítorí wọ́n ní ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó o. Yóò gbẹ. Ewúrẹ́ á máa sùn lé e. Ọkọ̀ ò ní dé. Òjò kan ṣoṣo á rọ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣàn padà síbi tí a ti fi àárọ̀ Sátidé kó o jáde. Ta ló jẹ̀bi ìyẹn? Ará ìlú tó kó o, àbí ẹni tó yẹ kó wá gbé e?

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ìtàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ wọn ti já. Ní ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó pa èèyàn tó lé ní 200 nínú ìlú yìí. Àwọn òbí wa àgbà ò tíì gbàgbé. Ní ọdún yẹn, ọ̀rá pọ́ọ̀ wọ́tà tí wọ́n ń nàka sí látàárọ̀ ò tíì sí. Àwọn ọdún 1990 ló tó dé. Mo mọ̀ pé wọ́n á dìde pé pàǹtí mìíràn wà nínú odò nígbà náà. Ó wà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ronú. Láti 1980 títí di òní, ṣé ìwà wa lórí ìdọ̀tí dára sí i ni? Èèyàn pọ̀ sí i, ọ̀rá pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ìwà ará ìlú ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, Ògùnpa ì bá máa pa 200 lọ́dọọdún. Kí ló dé tí kò rí bẹ́ẹ̀? Nítorí pé wọ́n padà wá fẹ ojú odò náà, wọ́n sì fi kọnkéré ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn falẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba kan sí òmíràn, àmọ́ nígbà tó parí, ó ṣiṣẹ́. Àwa náà la wà ńbẹ̀, pẹ̀lú ìwà wa. Ohun tó yí padà ni iṣẹ́ ìjọba.

Ọdún 2011 tún wà ńlẹ̀. Jímọ̀ 26 oṣù Kẹjọ, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Omi ya kọjá dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, ó gbé afárá Àpẹ́tẹ̀ lọ, èèyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ káàkiri ìlú. Ọdún 1942 ni ìjọba amúnisìn ṣe dáàmù yẹn. Ará ìlú kọ́ ló ṣe é, ará ìlú kọ́ ni wọ́n fi ìtọ́jú rẹ̀ lé lọ́wọ́, ará ìlú kọ́ ló sì pinnu bí ẹnu afárá Àpẹ́tẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó. Omi yẹn wọ ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó ba ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja jẹ́. Ṣé nínú ọgbà tó ní géètì àti sikiọ́ríìtì yẹn náà ni ìyá ẹlẹ́kọ ti lọ da ìdọ̀tí sílẹ̀?

Ìjọba fúnra rẹ̀ mọ ibi tí àlébù wà. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là láti fi kojú omíyalé ní Ìbàdàn. Nínú owó yẹn ni wọ́n fi tún àwọn afárá àti kọ́fáàtì kọ́, tí wọ́n sì fi tún dáàmù Ẹlẹ́yẹlé ṣe. Tó bá jẹ́ pé ìwà ará ìlú nìkan ló fà á, ìgbálẹ̀ ni wọn ì bá fi owó yẹn rà. Ẹni tó lọ yá owó láti tún afárá kọ́ ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé afárá ni kò dáa. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò rẹ̀ lẹ wá ń sọ pé kò jẹ̀bi!

Ti ilé tí wọ́n ní àwọn èèyàn ń kọ́ sójú ọ̀nà omi, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ilé kì í sì í hù lóru bí olú. Wọ́n á gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n dé òrùlé, òpó iná á dé ẹnu ọ̀nà, ìwé iná á máa wọlé lóṣooṣù. Ọdún á gorí ọdún, kò sẹ́ni tó ń bínú. Ọjọ́ tí omi bá gbé e ni wọ́n tó ń wá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri. Ẹni tó kọ́ ilé síbẹ̀ ṣe àìda, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wò ó títí ó fi kan òrùlé ńkọ́?

Olùbánisọ̀rọ̀ wọn kejì ní òjò yẹn pọ̀ ju agbára èèyàn lọ, ó ní Ọlọ́run ló rọ̀ ọ́, kò sí ìjọba tó lè dá a dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ yín ní ará ìlú ló fà á, ìkejì yín ní Ọlọ́run ni. Kí ẹ̀yin méjèèjì kọ́kọ́ lọ parí ìjà lábẹ́ tábìlì yín, kí ẹ tó wá bá wa.

Ẹ̀yin adájọ́, àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá fàbọ̀ bá adìẹ wí. Adìẹ jẹ̀bi, mo ti bá a wí níwájú yín láìfi bọpo bọyọ̀. Ẹgbẹ́ ọ̀hún ń fẹ́ kí ẹ na adìẹ, kí ẹ sì fi akátá sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Olùṣọ́ àkókò ti gbọ́wọ́ lé agogo, mo rí i. Ìbéèrè kan ni mo fi sílẹ̀ fún ẹni tó máa kádìí ọ̀rọ̀ fún wọn, kó má sì sá fún un: bí gbogbo ará Ìbàdàn bá jáwọ́ nínú dída ìdọ̀tí sí gọ́tà láàárọ̀ ọ̀la, tí ọkọ̀ akólẹ̀ ò sì dé, tí afárá ò fẹ̀ sí i, tí wọn ò tọ́jú dáàmù, ṣé ó lè fọwọ́ sọ̀yà fún ará Àpẹ́tẹ̀ pé omi ò ní wọlé mọ́? Kó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo tako kókó yìí. Ẹ ṣeun.