Ẹ Jẹ́ Ká Gbọ́ Ohùn Ẹ̀rọ Omi Wa

Alága wa, ẹ káàsán o. Ẹ káàbọ̀ sáàárín wa.

Ẹ wo garawa yìí. Níbo lẹ rò pé mo ti pọn ọ́n? Odò tí màlúù ń mu ni. Ọdún kejì rèé tí ẹ̀rọ omi wa ti dákẹ́. Ṣé ìbò wa dákẹ́ lọ́jọ́ ìdìbò? Ṣé ó dìgbà tí onígbáméjì bá wọlé kí ẹ tó dá wa lóhùn?

Ẹ jẹ́ ká fetí sí ẹ̀rọ náà.

(Dákẹ́. Ka ení dé ogún nínú.)

Alága, kí lẹ gbọ́?

Páǹpù ló jóná. Ọjọ́ wo lẹ máa gbé òmíràn wá? A ò ní pàtẹ́wọ́ báyìí. Ọjọ́ náà là ń dúró gbọ́.

(Dákẹ́. Má jókòó títí wọn yóò fi dáhùn.)